"Bíréèkì" nínú ìwé ààwẹ̀ àwọn oníṣúgà

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n bá wọn fi Yorùbá kọ ìwé ìlera kan níbí ní Àbújá. Bíréèkì (kì í ṣe ti mọ́tò) pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ṣé 'fọ́' ni kí n máa lò jákèjádò?"

Rárá o, àbúrò. Abọ́ ní ń fọ́, okùn ní ń já, eegun ní ń kán, igi là ń ṣẹ́, òfin là ń rú. Èyí kò le, etí rẹ á sọ fún ẹ. Ibi tó le ni ibi tí bíréèkì bá ń bá ohun kan ṣoṣo rìn, síbẹ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń yí padà.

Ṣáájú Ràmàdáánì kan, wọ́n gbé ìwé kan wá fún mi yẹ̀ wò, tí wọ́n kọ fún àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní apá Nyanya. Gbogbo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní ká bíréèkì ààwẹ̀, "ṣínu" ni olùtumọ̀ kọ. Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ dábínù àti omi nígbà tí oòrùn bá wọ̀, ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ní gígún ìka fún àyẹ̀wò kì í bíréèkì ààwẹ̀, "kì í ba ààwẹ̀ jẹ́" là ń wí.

Ẹ̀kẹta ló bà mí lẹ́rù: bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá wálẹ̀ ju 70 mg/dL lọ, kí ẹ "ṣínu". Mo ka ibẹ̀ sétí ìyá àgbà kan tó ní àìsàn náà, mo wá bi í pé, "Mọ̀mí, ìgbà wo lẹ máa jẹun?" Ó ní, "Tí wọ́n bá ti pe Mọ̀gàríbì ni." Bẹ́ẹ̀, tí ara ẹni bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò ó lásìkò Àlàásárì, ó lè dákú kí aago mẹ́fà àbọ̀ tó lù.

"Ẹ ba ààwẹ̀ yín jẹ́" náà kò ṣeé kọ síbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ló máa ń dún bí, olùfọkànsìn kò sì ní gbà. Ohun tí mo kọ nìyí: "Ẹ má dúró de Mọ̀gàríbì. Ẹ mu ohun tó ní ṣúgà lójú ẹsẹ̀. Ẹ ó san ààwẹ̀ ọjọ́ náà padà lọ́jọ́ mìíràn." Ìyọ̀ǹda aláìsàn láti san án padà wà nínú Kùránì, Súrà 2, ẹsẹ 185, nítorí náà ọkàn wọn balẹ̀ nígbà tí wọ́n kà á. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀ tó dúró fún bíréèkì, àmọ́ ìyá yẹn mọ ohun tó máa ṣe.

Tí wọ́n bá gé gbólóhùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹ, má fọwọ́ kàn án. Gba odindi ìwé náà, kí o sì bi ẹni tó kọ ọ́ bóyá kí oòrùn tó wọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí aláìsàn jẹun, àbí lẹ́yìn rẹ̀.