Iye oṣù oyún ẹran ni kí o fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò rẹ

"Ẹ̀yin àgbà, màlúù mẹ́fà àti ewúrẹ́ ogún ni mo ní ní Ìsẹ́yìn. Báwo ni kí n ṣe pín iṣẹ́ ọdún?"

Àbúrò, oyún màlúù tó oṣù 9, ti ewúrẹ́ jẹ́ 5. Oṣù Keje ni mo ń da akọ màlúù pọ̀ mọ́ abo, kí wọ́n lè bí ní Oṣù Kẹrin, nígbà tí koríko tútù bá ti ń yọ. Òbúkọ ní tirẹ̀ ń wọlé ní Oṣù Karùn-ún, kí ọmọ lè bọ́ sílẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá, tí òjò ti ń kásẹ̀. Ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n bí sínú ẹrẹ̀, ikọ́ ló máa ń gbé e lọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀rùn ni ìyá máa fi fún ọmọ lọ́mú, nítorí náà, tọ́jú ewé ẹ̀pà nígbà ìkórè. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo kó o jọ nígbà tí kò tíì gbẹ. Ọjọ́ kẹrin, mo ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, ó gbóná fòò, ó ti bu! Báyìí, mo ń sá a, mo ń yí i, títí igi rẹ̀ á fi máa dá pẹ́kẹ́ bí mo bá tẹ̀ ẹ́.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ewúrẹ́ ńkọ́? Oṣù Kejì, kí òjò tó dé.