Ìrè kì í ṣe ilé Ògún: ṣé wọ́n ń bu Ìrè kù ni?

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, mo gbọ́ lórí rédíò pé ìjálá tó ní 'Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀' fi hàn pé irọ́ làwọn ará Ìrè-Èkìtì ń pa pé àwọn ló ni Ògún. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú o. Ọlọ́dẹ ni bàbá mi, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni mo ti ń gbọ́ ìjálá kí n tó mọ̀wé kà, ẹnìkan wá gbọ́ gbólóhùn kan péré ó fi dájọ́ odidi ìlú.

Kì í ṣe pé kò rí nǹkan dì mú ṣá. Èèyàn kì í yà sílé ara ẹ̀, ẹni tó ń lọ síbòmíì ló ń yà. Apá Ọ̀yọ́ sì ni ìjálá ti gbilẹ̀ jù, Èkìtì ni Ìrè wà, apohùn lè fẹ́ fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn díẹ̀.

Àmọ́ ẹnu apohùn yẹn náà ló máa fi kì í ní Ògún Onírè kó tó mí. Tó bá ń ka Ògún méje, á ní Ògún Onírè ló ń gba àgbò. Ṣé ẹni tó fẹ́ gba Ògún lọ́wọ́ Ìrè ló máa fi orúkọ Ìrè kì í? "Ilé" ló ṣì wọ́n lọ́nà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lè kọ́lé mẹ́ta s'Íbàdàn, tọ́dún bá dé ẹ máa gbọ́ tó ní òun ń lọ sílé. Onírè ni ẹni tó ni Ìrè, kò sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Ẹmu yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn ẹ̀, ojú ogun ni Ògún ti ń bọ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó yà sí Ìrè, ó bá wọn níbi àjọ tó jẹ́ pé èèwọ̀ ni kéèyàn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kí i, ó rí akèrègbè ẹmu nílẹ̀ ó rò pé ó kún, àṣé òfìfo ni, ló bá yọ idà ti wọ́n. Ìgbà tó mọ ohun tó ṣe ló wọlẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ ìtàn yìí, tó bá gbọ́ "ẹmu ló yà mu níbẹ̀", ara ẹ̀ á bù máṣọ. Bàbá mi tó bá débẹ̀ á dákẹ́ díẹ̀, gbogbo ọlọ́dẹ tó jókòó náà á pa rọ́rọ́, kò sẹ́ni tó ń ro ti ìlú ta ni ju ìlú ta lọ. Ìsinsìnyí wọ́n ti gé e sọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ tó ń pè é ò gbọ́ ìtàn akèrègbè yẹn rí, ó dùn mí.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí apohùn kan ní lọ́kàn, ẹ gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀ lé e. Tó bá kan idà tàbí ẹ̀jẹ̀, ìtàn ẹmu ló ń fà. Tó bá jẹ́ ìlú mìíì ló dárúkọ pé ibẹ̀ gan-an nilé Ògún, á jẹ́ pé ẹni orí rédíò yẹn jàre. Èmi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ọlọ́dẹ kankan rí.