Ìpele nọ́ìsì kì í bí odò: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ kọ́ Ìdànrè sínú géèmù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe géèmù kan nínú Godot, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ jọ agbègbè Ìdànrè. Nọ́ìsì `TYPE_PERLIN` ni mo fi ṣe ilẹ̀ náà, ó jẹ́ ojú 1024 lọ́nà 1024, mítà 1 ló wà láàárín ojú kan sí èkejì, `frequency` mi sì jẹ́ 1/512. Àwọn òkè náà kàn wú síbí wú sọ́hùn-ún ni, kò sí àfonífojì, kò sí ipa odò. Wọ́n ní kí n máa fi kún `fractal_octaves`, ìyẹn iye ìpele nọ́ìsì. Mo ti gbé e láti 5 dé 12, kò sí ìyàtọ̀ gidi, ẹ̀rọ mi ló wá ń falẹ̀. Mélòó ni kí n fi sí i? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fi í sí 7, kí o má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ìmọ̀ràn "fi ìpele kún un" yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, ó sì ń bí mi nínú, torí ó ń fi àkókò àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ṣòfò. Ìpele nọ́ìsì kì í bí odò. O lè fi ọgọ́rùn-ún sí i, kò ní bí i.

Ìdí rẹ̀ rèé. Nọ́ìsì tí Ken Perlin kọ síta ní 1985 jẹ́ ìṣirò tó ń gba ipò kan, x àti y, tó sì ń dá nọ́ńbà kan padà. Kò béèrè ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Odò ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni gbogbo rẹ̀: omi tó dé ibí ti òkè wá, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi tó rẹlẹ̀ jù ibí lọ kó tó lè kọjá. Odò Àlà kò lè gba inú Àkúrẹ́ kọjá bí kò bá sí ìsàlẹ̀ tó ń lọ. Ilẹ̀ tí nọ́ìsì nìkan ṣe kún fún kòtò tí kò lẹ́nu ọ̀nà. Dán an wò fúnra rẹ: mú ojú kan, wá èyí tó rẹlẹ̀ jù nínú àwọn mẹ́jọ tó yí i ká, bọ́ síbẹ̀, kí o tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ní pẹ́ tí wàá fi há sínú kòtò kan. Fi ìpele kún un, wàá tètè há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí kòtò kéékèèké ni ìpele kéékèèké ń gbẹ́.

Ní ti ìdí tí 12 kò fi yàtọ̀, ìṣirò ni. Ìpele kìn-ín-ní rẹ fẹ̀ ní mítà 512. `fractal_lacunarity` wà lórí 2, nítorí náà ìpele kejì jẹ́ 256, ẹ̀kẹta 128, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. `fractal_gain` wà lórí 0.5, ìyẹn ni pé agbára ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ká ní o ń fi 200 sọ èsì di mítà: ìpele kìn-ín-ní á kó nǹkan bí 100 nínú rẹ̀. Ìkeje á fẹ̀ ní mítà 8, á sì ga ní mítà kan àbọ̀, èyí tí ojú ṣì lè rí. Ìkẹsàn-án kò ní ga tó ìdajì mítà. Nígbà tó bá fi di ìkẹwàá, fífẹ̀ rẹ̀ ti di mítà 1, àlàfo ojú ilẹ̀ rẹ gan-an. Nọ́ìsì Perlin sì máa ń jẹ́ òdo níbi tí x àti y bá ti jẹ́ odidi nọ́ńbà. Òdo ni ìpele ìkẹwàá, ìkọkànlá àti ìkejìlá ń fún ọ ní ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ rẹ sì ń ṣírò wọn ní ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan.

Omi ló ń gbẹ́ àfonífojì, nítorí náà omi ni kí o dà sí i. Musgrave, Kolb àti Mace ti gbé ọ̀gbàrá inú kọ̀ǹpútà jáde láti 1989. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti kọ ni ti ẹ̀kán òjò. Kọ́kọ́ sọ gbogbo gíga di láàárín 0 sí 1, torí nọ́ńbà tí mo fẹ́ fún ọ yìí á ba ilẹ̀ jẹ́ tí o bá lò ó lórí mítà. Ju ẹ̀kán kan síbi tó bá wù ú, pẹ̀lú omi 1, eré 1, kó má gbé erùpẹ̀ kankan. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kó sọ̀ gba ìdagẹ̀rẹ̀ lọ sí ìwọ̀n ojú kan, yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún omi rẹ̀, kí o sì pa á lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 30. `dh` ni gíga tuntun tí o yọ ti àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀. `sediment` ni erùpẹ̀ tí ẹ̀kán gbé, `capacity` ni èyí tó lè gbé, `put` ni èyí tó máa dà síbi tó ti ń bọ̀, `cut` ni èyí tó máa gbẹ́ níbẹ̀; màá sọ ti `soil` nísàlẹ̀.

```
capacity = max(-dh * speed * water * 4.0, 0.01)
if dh > 0.0:
    put = min(dh, sediment)
elif sediment > capacity:
    put = (sediment - capacity) * 0.3
else:
    cut = min((capacity - sediment) * 0.3 * soil, -dh)
```

Má yọ `min` méjèèjì yẹn. Ti òkè kò ní jẹ́ kí ẹ̀kán da erùpẹ̀ ju ohun tó máa dí kòtò lọ. Ti ìsàlẹ̀ kò ní jẹ́ kó gbẹ́ ilẹ̀ jìn ju ibi tó ń lọ. Tí o bá rí ilẹ̀ tó yọ ẹ̀gún ṣóńṣó, tàbí ihò jíjìn tí ojú kan péré fẹ̀, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tí ó bá jẹ́ pé àmì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti abẹ́ ló kún ojú ilẹ̀, ojú kan ṣoṣo lo ń gbẹ́: pín `cut` yíká ojú 3, kí àárín gba púpọ̀, kí etí gba díẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kán 200,000, wò ó, kí o tó pọ̀ ọ́n sí i. Kò sí iye kan tó bá gbogbo ilẹ̀ mu, n kò sì ní ṣe ìlérí kankan lórí ìyẹn.

Ìdànrè wá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àpáta líle tó dúró gọngọ lórí ilẹ̀ ni, orí rẹ̀ ṣe roboto, àgbàrá sì ń ṣàn lára rẹ̀ láì rí erùpẹ̀ púpọ̀ kó. Má lo `FRACTAL_RIDGED`, orí tó mú bí ọ̀bẹ ló máa fún ọ. Mú nọ́ìsì kan tí `fractal_type` rẹ̀ wà lórí `FRACTAL_NONE`, kí `n` jẹ́ èsì rẹ̀:

```
dome = smoothstep(0.1, 0.7, abs(n))
soil = 1.0 - 0.97 * dome
```

Àpáta jáde, ilẹ̀ pẹrẹsẹ yí i ká. Tí orí rẹ̀ bá tẹ́ bíi tábìlì, gbé 0.7 lọ sí 0.9. Fi nọ́ìsì oníìpele méje kún un díẹ̀díẹ̀ kí ara rẹ̀ má dán jù. `soil` ló ń sọ fún ẹ̀kán pé àpáta kò ṣeé gbẹ́: ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló kù fún un lórí àpáta, gbogbo agbára rẹ̀ á sì bọ́ sí ẹsẹ̀ òkè, níbi tí o fẹ́ kí àfonífojì wà.

Má ṣe ọ̀gbàrá ní abala abala nígbà tí géèmù ń lọ. Ẹ̀kán tó bẹ̀rẹ̀ ní abala kan á fẹ́ wọ èkejì, wàá sì rí ojú ìránpọ̀ níbi tí abala méjì ti pàdé. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan lórí gbogbo 1024 náà, kó ẹ̀kán lọ sínú C# torí GDScript á lọ́ra jù, kí o wá fi `save_exr` pa á mọ́ ní `Image.FORMAT_RF`. Tí o bá fi í sínú PNG oníbíìtì 8, ìpele gíga 256 péré ló máa kù: fún òkè mítà 200, nǹkan bí sẹ̀ntímítà 78 ni àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ń rìn nínú géèmù á sì rí i lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.