Akáǹtì tó ti sùn: owó ń wọlé, kò jáde

"Ẹ káàsán o. Akáǹtì kan wà tí mi ò tíì fọwọ́ kàn láti bí ọdún mẹ́ta. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó sí i fún mi, ó sì wọlé, ṣùgbọ́n gbogbo bí mo ṣe fẹ́ gbé e jáde, kò gbà. Ṣé báńkì ti gbẹ́sẹ̀ lé owó mi ni? Kí ni kí n ṣe?"

Wọn ò jẹ owó yín o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ojú ọ̀nà tí owó ń gbà jáde nìkan ni wọ́n tì, wọ́n fi ti àbáwọlé sílẹ̀. Bí CBN ṣe là á kalẹ̀ ni pé tí olówó ò bá ṣe nǹkankan lórí akáǹtì ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n á kà á sí èyí tó ń tòògbé, tó bá wá pé ọdún kan, ó ti di dọ́máǹtì nìyẹn. Owó SMS tí báńkì ń yọ àti ìntírẹ́ẹ̀sì táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń jù sí i, ìyẹn ò sí nínú ìṣirò, báńkì ló ń ṣe ìyẹn, ẹ̀yin kọ́. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, owó tí wọ́n san sí tèmi ò jí i lójú oorun, ojú olówó ni wọ́n fẹ́ rí.

Ìdí tí wọ́n fi ń tì í, èmi náà rò ó sí burúkú nígbà yẹn, àfìgbà tí ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ báńkì là mí lóye. Akáǹtì tẹ́nìkan ò yẹ̀ wò ni olè fẹ́ràn jù, pàápàá jù lọ olè inú ilé. Òṣìṣẹ́ báńkì tó bá rí i pé owó gidi jókòó síbì kan látọjọ́ pípẹ́, tó mọ̀ pé olówó lè ti kú, ó lè ti rìnrìn àjò, ó lè pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀, kó ní kí wọ́n ṣe káàdì ATM tuntun, kó sì máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀, áléètì ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Ìdí nìyẹn tí ẹnìkan ṣoṣo ò fi lè ṣí i, ẹni tó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀gá míì ló máa fọwọ́ sí i. Nítorí náà tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó dúró dè ọ̀gá, kì í ṣe pé wọ́n ń fi yín ṣeré (nígbà míì sha, wọ́n ń fi wá ṣeré lóòótọ́).

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ sìímù. Ṣé nọ́ńbà tí ẹ fi ṣí akáǹtì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín? Tí ẹ ò bá lo láìnì fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè gbé e kúrò lórí afẹ́fẹ́, tí oṣù mẹ́fà míì bá tún kọjá lórí ìyẹn, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíì, kóòdù tí báńkì bá fi ránṣẹ́ á wá lọ bá ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. Ẹ tẹ *565*0# lórí láìnì tí ẹ gbà pé ó wà lára BVN yín, tí BVN bá jáde, ó dáa, tí kò bá jáde, ẹ sọ fún wọn ní báńkì pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan míì. NIN náà gbọ́dọ̀ wà, láti March 2024 ni wọ́n ti ní kí akáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN dúró sójú kan, nítorí náà àtìpa méjì lè wà lórí akáǹtì kan náà, tí ẹ bá jí i tí ẹ ò so NIN mọ́ ọn, owó ò ní jáde síbẹ̀.

Tèmi, akáǹtì agùnbánirọ̀ ni. Inú kám̀pù Yíkpàtá ní Kwara la ti ṣí i, ibẹ̀ ni aláwíì 19,800 ń wọ̀. Mo parí, mo padà sí Ìbàdàn, mo gba iṣẹ́, báńkì míì ni ibi iṣẹ́ ń lò, bí èyí ṣe sùn nìyẹn. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ló wá san owó àjẹsílẹ̀ kan, 85,000, sórí ẹ̀ nítorí òun ló wà nínú fáìlì wọn. Mo mú NIN, káàdì ìdìbò, pásípọ́ọ̀tù méjì àti bíìlì iná tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lọ sí ẹ̀ka wọn tó wà ládùúgbò wa, kò pọn dandan kéèyàn padà sí Kwara. Fọ́ọ̀mù yẹn ò le, ojú ìwé kan ni, orúkọ, nọ́ńbà akáǹtì, BVN, àdírẹ́sì, ìdí tí ẹ ò fi lò ó.

Ibi tó ti ta kókó ni pé orúkọ bàbá mi ló wà lórí akáǹtì, orúkọ ọkọ mi ló wà lórí BVN àti NIN. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ ní, "Àǹtí, orúkọ méjèèjì ò bára mu, kò ní gbà." Mo ní láti padà wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ìwé ìròyìn tí mo fi kéde àyípadà orúkọ, mo wá kọ fọ́ọ̀mù àtúnṣe lọ́tọ̀. Ìyẹn parí, ó kan ìbuwọ́lùwé. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi díẹ̀, mo rí èyí tí mo kọ ní kám̀pù, orúkọ gbọọrọ látòkè délẹ̀ bíi ti ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tí mo ń kọ báyìí ò ju ìlà méjì tó lọ́ mọ́ra lọ. Ó fún mi ní bébà òfìfo kí n gbìyànjú ti àtijọ́, kò jọ ọ́ rárá, la bá fi ìwé ìbúra kóòtù gbé tuntun wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ti pààrọ̀ ìbuwọ́lùwé, ẹ tètè gba ìwé ìbúra yẹn dání, ọjọ́ tí ẹ lọ náà lẹ máa fi parí ẹ̀.

Tí wọ́n bá ní ó ti ṣí, ẹ má tíì lọlé. Ẹ lọ sọ́dọ̀ kaṣíà, ẹ fi 1,000 sí i tàbí kí ẹ gba 1,000 jáde, kí ẹ rí i pé ó ṣẹlẹ̀. Mo rí bàbá kan tó padà wá pariwo níbẹ̀, wọ́n ti ṣí tiẹ̀, kò fọwọ́ kàn án, ó tún padà sùn.

Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni jíjí akáǹtì tó ti sùn, CBN ò fún báńkì láyè kí wọ́n gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Tí wọ́n bá bèèrè, ẹ kọ ẹ̀sùn sí báńkì náà fúnra wọn ná, tí wọn ò bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ sí cpd@cbn.gov.ng. Ẹni tó bá sì pè yín lórí fóònù pé òun fẹ́ bá yín jí akáǹtì, kí ẹ ka kóòdù tó wọlé fún òun, ẹ já fóònù yẹn.

Ọdún mẹ́ta yín ṣì kéré. Èyí tó bá kọjá ọdún mẹ́wàá ni wọ́n máa ń kó owó ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ CBN, ìyẹn pàápàá, ti olówó ṣì ni, báńkì tí ẹ ti ṣí i náà lẹ máa gbà bèèrè ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òkú ló ni akáǹtì, ọ̀rọ̀ kóòtù nìyẹn, fọ́ọ̀mù tí mò ń sọ yìí ò lè ṣe nǹkankan sí i.