Ọ̀rá kò yọ́, ṣùgbọ́n ó ń rọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Tánkẹ̀ ní Ìlọrin ni mo ti ń ta ọ̀lẹ̀lẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ewé ti wọ́n, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ni mo fi ń sè é láti bí ọdún méjì. Kò yọ́ rí, ṣùgbọ́n oníbàárà kan ní májèlé ni. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni mo lè lò tí kò ní jẹ èrè mi tán?

Ìdáhùn: Ẹ kú òwò, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ọ̀rá náà tì. N kò sọ pé ẹni tó bá jẹ ẹyọ kan yóò dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́la o, ṣùgbọ́n ẹrù ni wọ́n ṣe ọ̀rá ọjà fún, wọn kò ṣe é fún ìkòkò orí iná.

Mo gbà yín gbọ́ pé kò yọ́ rí. Irú ọ̀rá tín-ínrín bẹ́ẹ̀ kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó nǹkan bíi digíríì 105 sí 115, omi tó ń hó kì í sì í kọjá 100. Ṣùgbọ́n kó tó yọ́ ló ti ń rọ̀, ibi tó ti ń rọ̀ náà ni kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ ọn nílé iṣẹ́ ti ń rí ọ̀nà bọ́ sínú oúnjẹ. Omi lásán kì í fà á tó bẹ́ẹ̀. Epo ló ń fà á, ọ̀lẹ̀lẹ̀ yín sì ní òróró, ó ní ẹyin, ó ní ẹja, ó sì ń lo bíi wákàtí kan lórí iná. Ọ̀rá dúdú ló burú jù, torí ike àlòkù ni wọ́n sábà ń tún yọ́ ṣe é, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ti fi ike ọ̀hún ṣe tẹ́lẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ìkòkò ni ọ̀rá ti máa ń yọ́ gan-an. Bí omi bá ti fà tán níbẹ̀, irin ìkòkò á gbóná kọjá 100 dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo ń kọ́ ní oúnjẹ sísè gbé ìkòkò tirẹ̀ wá fún mi láti Ọ̀fà. Àwọn tó wà lókè mọ́ rekete, ó tiẹ̀ ti ta díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, mo fi èékánná ha ara ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan, awọ fẹ́lẹ́ kan sì ń bó tẹ̀ lé e bí awọ àlùbọ́sà. Ọ̀rá ni. Ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀wà débi pé ẹni tí ebi ń pa kò ní mọ̀ kó tó gbé e mì.

Ohun tí mo ní kó rà ni ife irin tí kì í dípẹtà, èyí tí kò ga jù. Owó rẹ̀ á dun yín lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ kò ní máa rà á lójoojúmọ́. Ẹ fi òróró pa inú ife, ẹ bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i kó kù díẹ̀ kó kún, torí yóò wú. Ẹ to igi ewé tàbí àwo irin sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí omi má ju ìdajì ife lọ. Kí omi ti máa hó kí ẹ tó to ife sí i. Bí ẹ bá fẹ́ fi omi kún un, kó jẹ́ gbígbóná, torí tútù ló ń jẹ́ kí àárín dákú. Láti bí ìṣẹ́jú 40, ẹ ti ọ̀bẹ bọ àárín ọ̀kan. Bó bá jáde láìsí ẹ̀wà tútù lára rẹ̀, ó ti jinná.

Ẹ̀dùn àwọn oníbàárà ni pé ti inú ife kì í ta sánsán bíi ti ewé. Ẹ má pa ewé tì pátápátá. Ẹ ya ewé eéran kan sí méjì, ẹ tẹ́ ìdajì sí ìsàlẹ̀ ife, ẹ fi ìyókù bo orí rẹ̀. Òórùn ewé á wọ̀ ọ́, omi tó ń kán láti ara ọmọrí kò sì ní sọ ojú rẹ̀ di rọ̀tọ̀rọ̀tọ̀. Ewé kan ló lọ sórí ẹyọ kan, dípò méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fi ń pọ́n ọn.

Fọ́ìlì sàn ju ọ̀rá lọ, ṣùgbọ́n tòmátì àti iyọ̀ máa ń jẹ ẹ́ lára, ẹ jẹ́ kí ewé wà láàárín òun àti ẹ̀wà. Agolo mílíìkì tó bá ti ń dípẹtà níbi ìsopọ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Ike funfun tó rí bíi fóòmù, tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí, kò gbọ́dọ̀ dé orí iná rárá. Ike tó nípọn tí wọ́n kọ 5 sínú àmì onígun mẹ́ta ìdí rẹ̀ lè gba ooru omi híhó, àmọ́ irin ni èmi ń lò.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ gbé e lọ, ẹ jẹ́ kó tutù tó èyí tí ọwọ́ lè dì mú, kí ẹ dà á jáde sórí ewé kí ẹ tó fi sínú ọ̀rá. Tí ẹ bá dà á sí ọ̀rá nígbà tó ṣì ń ru èéfín, ibi tí a ti ń sá la tún padà sí.