Àkọsílẹ̀ owó ilé fún onílé kékeré

*Ìbéèrè:* Ẹ jọ̀ọ́, fúlàátì mẹ́fà ni mo ní. Inú ìwé kékeré kan ni mò ń kọ owó ilé sí, àwọn kan ń san án díẹ̀díẹ̀, fúlàátì kan sì ṣófo. Báwo ni mo ṣe lè ṣe àkọsílẹ̀ tí màá kàn wò, tí màá sì mọ ọjọ́ tí owó pé, ẹni tó jẹ gbèsè àti èyí tó ṣófo?

*Ìdáhùn:* Fúlàátì ni kí ẹ fún ní ìlà, kì í ṣe ayálégbé. Ayálégbé á kó jáde, òmíràn á wọlé, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́fà ni ẹ gbọ́dọ̀ máa rí nígbà gbogbo. Bó bá jẹ́ orúkọ èèyàn lẹ fi ṣe ìlà, fúlàátì tó ṣófo á pòórá nínú ìwé, ẹ ò sì ní rántí pé kò mówó wọlé.

Ẹ ṣí ojú ìwé méjì nínú Excel. Ẹ pe ọ̀kan ní Ile, ẹ pe èkejì ní Owo. Nínú Owo, ìgbàkigbà tí owó bá wọlé, bó ti wù kó kéré tó, ẹ kọ ọjọ́ sí A, àmì àdéhùn sí B, iye owó sí C. Nínú Ile, A ni fúlàátì, B ni àmì àdéhùn (bíi 4A), C ni orúkọ, D ni owó ilé lóṣù, E ni ọjọ́ tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀, F ni gbèsè tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe ìṣirò sínú L1. Èyí tó kù, ẹ má fi ọwọ́ kọ ọ́. Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ kọ gbèsè, ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé láti yọ owó tí ẹnì kan san ni ìjà máa bẹ̀rẹ̀. Nínú Ile, ìlà 1 wà fún àkọlé, fúlàátì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 2; ẹ kọ àwọn fọ́múlà yìí sí ìlà 2, kí ẹ sì fà wọ́n sísàlẹ̀ dé ìlà 7:

```
G2: =F2+D2*(DATEDIF(E2,$L$1,"M")+1)
H2: =SUMIFS(Owo!C:C,Owo!B:B,B2,Owo!A:A,"<="&$L$1)
I2: =G2-H2
J2: =EDATE(E2,DATEDIF(E2,$L$1,"M")+1)
```

G ni gbogbo owó tó ti yẹ kó wọlé, H ni èyí tó wọlé, I ni gbèsè, J ni ọjọ́ tí owó tó kàn máa pé. Ìṣirò yìí wà fún owó tí wọ́n ń san ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù àdéhùn. Bí I bá ní àmì ìyọkúrò níwájú, ayálégbé náà ti san àsansílẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo fúlàátì 4. Owó rẹ̀ jẹ́ 100 lóṣù, àdéhùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní, òní sì jẹ́ ọjọ́ 10 oṣù kẹfà. Ìgbà mẹ́fà lowó ti pé, nítorí náà G jẹ́ 600. Ayálégbé san 100 lẹ́ẹ̀mẹta, ó san 50 ní oṣù kẹrin, 100 ní oṣù karùn-ún, kò tíì san nǹkan kan fún oṣù kẹfà. H jẹ́ 450, gbèsè jẹ́ 150. Bí àdéhùn yín kò bá sọ ohun mìíràn, gbèsè tó pẹ́ jù ni kí owó tó bá wọlé kọ́kọ́ pa. Èyí túmọ̀ sí pé oṣù kẹrin ti pé, ó ku 50 nínú ti oṣù karùn-ún àti 100 ti oṣù kẹfà. Gbèsè tó pẹ́ jù ti di ọjọ́ 40. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ fi mọ ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó jẹ 150 láti ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn kò rí bí ẹni tó jẹ 150 tí apá kan rẹ̀ ti lé ní oṣù kan.

Ibi tí ìwé yìí ti sábà máa ń dàrú ni ìgbà tí owó ilé bá gòkè. Ká ní fúlàátì 2 ń san 100 láti oṣù kìíní, kò sì jẹ gbèsè rí. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ẹ sọ ọ́ di 120, ó sì san án lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá kàn pa 100 rẹ́ nínú D tí ẹ kọ 120, fọ́múlà á fi 120 ṣírò oṣù méjèèje: 840. Owó tó san jẹ́ 720, ìwé á wá sọ pé ó jẹ 120. Bí ẹ bá rí gbèsè tó kàn yọjú lára ẹni tí kì í jẹ gbèsè, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àdéhùn tuntun ni kí ẹ fún ní àmì tuntun: 2A di 2B, E di ọjọ́ 1 oṣù keje, D di 120, ohun tó bá kù lọ́rùn rẹ̀ wọ F. Láti ọjọ́ náà lọ, 2B ni ẹ máa kọ sí owó rẹ̀ nínú Owo.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹnì kan bá kó jáde. Ẹ gbé gbèsè àti àmì rẹ̀ lọ sí ojú ìwé kẹta. Bó bá san nǹkan lẹ́yìn oṣù méjì, àmì àtijọ́ ni ẹ máa kọ, kí owó rẹ̀ má baà bọ́ sí ọrùn ẹni tuntun.

Ní ti fúlàátì tó ṣófo, ẹ kọ “Òfo” sí C, owó tí ẹ ń béèrè sí D, ọjọ́ tó ṣófo sí E, kí ẹ sì pa fọ́múlà G títí dé J rẹ́ lórí ìlà yẹn. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, yàrá tí ẹnikẹ́ni kò gbé á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbèsè, á sì kún àpapọ̀ gbèsè yín. Owó tí òfo ń gbà lọ́wọ́ yín kì í ṣe gbèsè, kò sẹ́ni tí ẹ máa bi léèrè.

Owó ìdógò tí ẹ gbà sọ́wọ́ nítorí nǹkan tó lè bàjẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ Owo nígbà tí ẹ gbà á. Bí àdéhùn bá gbà yín láyè láti yọ gbèsè nínú rẹ̀ nígbà tí ayálégbé ń lọ, iye tí ẹ yọ nìkan ni kí ẹ kọ sínú Owo, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́.