Bí a ṣe ń bo ewú nínú fọ́tò iṣẹ́ tí kò ní rí bíi dáì

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè fi Photoshop bo ewú nínú fọ́tò iṣẹ́ mi láì jẹ́ kó dà bí irun tí wọ́n fi dáì kùn?

Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú kùn ún o, Curves ni kẹ́ ẹ fi mú ewú yẹn wálẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi máàsìkì yan ibi tó máa dé. Dúdú tá a bá kùn lé e lórí máa ń pa dídán irun rẹ́, ibẹ̀ gan-an ni rírí bíi dáì yẹn ti ń wá.

Ẹ ṣí léyà Curves, ẹ fa igun òkè lápá ọ̀tún wálẹ̀ sí bí ìdajì, ibi tó funfun ló máa ṣókùnkùn jù, èyí tó ti dúdú tẹ́lẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ tẹ máàsìkì rẹ̀, ẹ tẹ Ctrl+I, kẹ́ ẹ wá mú búrọ́ọ̀ṣì funfun tó tín-ín-rín, Flow 10%, kẹ́ ẹ máa tọ ewú náà níkọ̀ọ̀kan síbi tí irun kọrí sí. Tó bá ṣì rí bí eérú, ẹ ṣí léyà míì, ẹ sọ Blend Mode rẹ̀ di Color, ẹ mú àwọ̀ lára irun dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ fi ewú díẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀bátí, pàápàá tí irùngbọ̀n bá ní ewú. Tí dídán irun bá ti pòórá, ẹ dín Opacity léyà Curves kù. Irun tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ ò ṣeé tọ báyìí, búrọ́ọ̀ṣì ńlá tó rọ̀ ló dáa fún un.